Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Méjì fún Ẹni tí Oríkèé Ń Dùn

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì wà tí oníṣègùn sábà máa ń béèrè fún nígbà tí oríkèé bá ń dun ènìyàn: ìyára-rọlẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa, àti ìwọ̀n purotéènì afèsì-sí-C. Bí a bá túmọ̀ wọn sí 'àyẹ̀wò làkúrègbé', orúkọ náà yóò ṣèlérí ohun tí wọn kò lè ṣe. Ìwúgbóná ni wọ́n ń fi hàn, èyí ni ìwú àti ìgbóná tí ara fi ń kojú ìpalára tàbí kòkòrò àrùn. Wọn kì í sọ ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀, wọn kì í sì í sọ ohun tí ó fà á.

Ẹ̀jẹ̀ tí a gbé nàró nínú ọ̀pá gíláàsì tóóró a máa ṣe bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́: sẹ́ẹ̀lì pupa yóò máa rọlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa lé sókè. Lẹ́yìn wákàtí kan, a ó ka iye mìlímítà tí wọ́n ti rọ̀. Nígbà ìwúgbóná, fàíbírínójìn, purotéènì tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, a máa pọ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì pupa yóò lẹ̀ mọ́ra bí owó kọ́bọ̀ tí a tò lérí ara wọn, wọn yóò sì tètè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àìtó ẹ̀jẹ̀, oyún àti ọjọ́ orí pẹ̀lú lè mú wọn yára; sẹ́ẹ̀lì onídòjé kì í sì í tò lérí ara wọn dáadáa, nítorí náà a máa pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀.

C inú orúkọ purotéènì kejì kì í ṣe àmì kábọ́ọ̀nù. Orúkọ èròjà kan ni, lára kòkòrò tí ń fa òtútù àyà, tí Tílẹ́ẹ̀tì àti Furánsíìsì rí ní 1930 pé purotéènì náà ń bá dìpọ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é. Láàrin wákàtí mélòó kan ni ó ń pọ̀. Bí ohun tí ó fà á bá sì kásẹ̀, a máa dín sí ìdajì ní nǹkan bí wákàtí 19.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin ẹni ọdún 62 kan ṣe àpẹẹrẹ. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún mẹ́ta. Ìyára-rọlẹ̀ jẹ́ mìlímítà 70. Purotéènì jẹ́ mìlígíráàmù 96 nínú lítà kan. Iye méjèèjì ga, ṣùgbọ́n orúnkún kò wú, kò sì gbóná. Ibà ń ṣe é, ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún. Àyẹ̀wò ìtọ̀ sì fi kòkòrò àrùn hàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí a tọ́jú kíndìnrín rẹ̀, purotéènì wá sí 4, ìyára-rọlẹ̀ ṣì wà ní 52, nítorí pé fàíbírínójìn kì í tètè dín kù. Orúnkún ń dùn bí ti àtẹ̀yìnwá: kì í ṣe òun ni ó gbé iye náà ga.

Bákan náà, iye tí kò ga kò wẹ oríkèé mọ́. Bí oríkèé kan ṣoṣo bá ṣàdédé wú tí ó sì gbóná, a ó fi abẹ́rẹ́ fa omi inú rẹ̀ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an, ohunkóhun tí ẹ̀jẹ̀ ìbáà sọ. Nítorí náà, 'àyẹ̀wò ìwúgbóná' ni ìtumọ̀ tí kò ní ṣi aláìsàn lọ́nà.