Rólà Irin Tó Wà Lẹ́yìn Búrẹ́dì Agége

Oníbúrẹ́dì tó bá fẹ́ kí oníbàárà fọkàn tán òun kí Kérésìmesì tó dé, kó mú un wọ ẹ̀yìn ilé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré lọ wo ààrò. Ẹ̀rọ onírólà méjì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà kó tó di oníbúrẹ́dì ńlá l'Ékòó, wà lára àwọn tó mú kí irú ẹ̀rọ yìí gbilẹ̀.

Ẹ̀rọ ìpò kàn ń po fúláwà mọ́ omi, ṣúgà àti yíìsì ni. Ohun tó ti inú rẹ̀ jáde ṣì rí págunpàgun, ó sì máa ń já tí wọ́n bá fà á. Òun ni wọ́n ń kì bọ àárín rólà. Rólà á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, òṣìṣẹ́ á ká a, á tún kì í bọ̀ ọ́, títí tí ara rẹ̀ á fi máa dán. Gúlútẹ́ẹ̀nì, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí àlìkámà máa fà, á tò lọ sápá kan náà. Àwọn ihò afẹ́fẹ́ ńlá á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìdí nìyí tí búrẹ́dì Agége fi ń ya bí òwú, tí kì í rún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó tó? Òṣìṣẹ́ á gé díẹ̀, á fẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó bá fẹ́lẹ́ débi pé òjìji ìka hàn láti òdìkejì láìya, ó ti tó. Bó bá pẹ́ jù lábẹ́ rólà, á gbóná, á máa lẹ̀ mọ́ irin, á sì tún máa já.

Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì kan fẹ́ búrẹ́dì 180, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ gíráàmù 800. Omi máa ń gbẹ nínú ààrò, nítorí náà gíráàmù 900 ni wọ́n á wọ̀n sínú páànù kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 162. Àpò fúláwà oníkílò 50 kan, pẹ̀lú omi bíi lítà 25, ṣúgà bíi kílò 5 àti èròjà yòókù, á fún wọn ní bíi kílò 82. Àpò méjì ló máa gbé e.

Nígbà ọdún, àwọn kan máa ń dín iye ìgbà tí wọ́n ń kì í bọ rólà kù, tàbí kí wọ́n má jẹ́ kó wú dáadáa nínú páànù. Ihò gbàǹgbà-gbàǹgbà nínú búrẹ́dì àti ẹ̀rún tó ń dà sílẹ̀ lè fi èyí hàn. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí pọtáṣíọ̀mù bíròméètì, èyí tí àjọ NAFDAC ti fòfin dè. Nínú búrẹ́dì fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò nìkan ló ń fi í hàn. Ẹ ní kí wọ́n fi àpò èròjà amúbúrẹ́dì-wú hàn yín, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ sì wọn búrẹ́dì kan kí ẹ tó san owó.