Kí Ọkọ̀ Tó Kú, Pọ́ǹpù Epo Ti Ké

Ẹni tó bá ń wakọ̀ ná Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ yóò ti gbọ́ ohùn yìí rí. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló ti ń wá, ó ń kùn bí oyin tó há sínú agolo. Láàárín ìlú, ọkọ̀ ṣì ń rìn, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Ìgbà tí wọ́n bá kọjá Ìmọ̀ta, tí ọ̀nà là díẹ̀, tí awakọ̀ sì tẹ iná kó lè ya tírélà kan sílẹ̀, ni ohùn náà á lọ sókè. Ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́kì, agbára á lọ lára rẹ̀, yóò sì di pé kí wọ́n rọra wábi páàkì. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó lè tún ṣiṣẹ́, kó gbé wọn dé Ìtòíkìn, kó tó tún fọwọ́ lérán.

Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ìdájọ́ kì í pẹ́: pọ́ǹpù ti kú, ẹ lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mú pọ́ǹpù pariwo kí ọkọ̀ tó kú: ó lè jẹ́ pé fílítà ti dí, ó lè jẹ́ pé pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ti gbó, ó sì lè jẹ́ pé iná bátìrì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Ibi tí wàhálà náà ti ń le ni pé pọ́ǹpù wà lábẹ́ mẹkáníìkì, wáyà sì wà lábẹ́ rìwáyà. Àárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀sùn náà máa ń bọ́ sí, ẹni tó ni ọkọ̀ ni yóò sì san owó pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀mejì.

Inú tánkì epo ni pọ́ǹpù yìí ń gbé. Mọ́tò kékeré oníná ni, epo sì ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí ẹnjìnnì. Epo yẹn náà ló ń tù ú lára, òun náà ló sì ń jẹ́ kí irin inú rẹ̀ máa yọ̀ láìha ara wọn. Nísàlẹ̀ pọ́ǹpù ni asẹ́ kan wà tó dà bí àpò aṣọ, tó ń gba ìdọ̀tí dúró kí epo tó wọlé. Lẹ́yìn pọ́ǹpù ni fílítà gan-an wà, tó ń mú eruku tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú Kámúrì tí a ń pè ní Òròbó, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni fílítà yìí wà, ojú ń rí i, ọwọ́ sì ń tó o. Láti orí Kámúrì Big Daddy àti Kòrólà 2003 sí 2008, wọ́n ti kó o wọ inú tánkì pẹ̀lú pọ́ǹpù. Ohun tí ojú kò rí kì í sì wọ ìṣirò sáfíìsì. Mo rò pé ìyẹn nìkan ti pa pọ́ǹpù ju ohunkóhun mìíràn lọ ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Ó yẹ kéèyàn béèrè ìdí tí ọkọ̀ fi ń rìn dáadáa láàárín Sàbó àti Gárééjì tó sì ń kú lójú ọ̀nà tó là. Nígbà tí Kòrólà bá dúró tí ẹnjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò mu ju nǹkan bíi lítà epo kan lọ ní wákàtí kan. Pọ́ǹpù tó dá ṣáṣá lè gbé lítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan náà, èyí tó ṣẹ́kù a sì máa padà sínú tánkì. Nítorí náà, pọ́ǹpù tí agbára rẹ̀ ti dín kù gan-an ṣì lè bọ́ ẹnjìnnì tó dúró sójú kan. Ìgbà tí ẹrù bá pọ̀ lórí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ sì wọlẹ̀, tí epo tí ẹnjìnnì ń béèrè fi ìlọ́po-ìlọ́po pọ̀ sí i, ni àṣírí á tú.

Ariwo náà kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Bí asẹ́ ìsàlẹ̀ bá dí, pọ́ǹpù á máa fa epo tí kò wá. Òfìfo á wà níbi tó ti ń fà, epo á hó di èéfín níbẹ̀, àwọn èéfín kéékèèké yẹn á sì máa bẹ́ nínú pọ́ǹpù. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín ni, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí epo bá ti gbóná tàbí tó kù díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fílítà ẹ̀yìn pọ́ǹpù ló dí, pọ́ǹpù ń ti epo mọ́ ògiri ni: ohùn á ki, mọ́tò á máa jẹ iná ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sì máa gbóná. Pọ́ǹpù tó gbó a máa ha gbaragbara láti àárọ̀ kùtù, kódà kí ọ̀nà tó jìn. Ti iná tí kò tó yàtọ̀: ohùn náà máa ń rọlẹ̀ tó bá jẹ́ pé ẹ tan iná iwájú tàbí ẹ ṣí ẹ̀rọ amúlétutù, á sì tún gbéra nígbà tí ẹ bá pa wọ́n.

Etí kò tó láti fi ra pọ́ǹpù, nítorí àwọn àìsàn wọ̀nyí máa ń gbé ara wọn lẹ́yìn. Àtipé sísinmi fún ogún ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ tó tún jí kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí asẹ́ ló dí, ìdọ̀tí á jábọ́ lára rẹ̀ nígbà tí ìfà bá dáwọ́ dúró. Bí pọ́ǹpù ló gbó, wáyà inú mọ́tò rẹ̀ á tutù. Bí ó bá sì jẹ́ ìdí wáyà tó jóná, òun náà á tutù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jí.

Ohun tó ń yà wọ́n ni gáàjì epo àti mítà iná. Ẹ jẹ́ ká fi Kòrólà 2005 kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó ń kó èrò láti Ìkòròdú. Ìwọ̀n tó yẹ kí epo rẹ̀ ní nínú páìpù ni páùn 44 sí 50 lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so gáàjì mọ́ páìpù iwájú ẹnjìnnì, ó sì fi 45 hàn nígbà tí ọkọ̀ dúró. Bí wọ́n bá dúró síbí yìí, wọ́n á ní epo kò ní wàhálà, wọ́n á sì lọ máa pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e lọ sójú ọ̀nà tí wọ́n sì tẹ iná, gáàjì já sí 31, pọ́ǹpù sì ké. Ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe páìpù èéfín ẹ̀yìn tó dí ló fà á. Páìpù èéfín tó dí náà ń gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀, àmọ́ kì í mú ìwọ̀n epo já.

Ó wá kan iná. Bátìrì ń fi fóòtì 13.9 hàn nígbà tí ẹnjìnnì ń ṣiṣẹ́. Rìwáyà kó mítà sí ìdí pọ́ǹpù lábẹ́ ìjókòó, ó bá 11.2. Fóòtì 2.7 ti sọnù lọ́nà. Kókó ni pé ó wọ̀n ọ́n nígbà tí wáyà ṣì wà lẹ́nu pọ́ǹpù tí pọ́ǹpù sì ń yí. Bó bá ti yọ ọ́ kúrò kó tó wọ̀n ọ́n, mítà ì bá fi iná bátìrì hàn pérépéré, kódà bó jẹ́ òwú wáyà kan ṣoṣo ló kù, nítorí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ pé iná dé, tí wọ́n sì dá pọ́ǹpù lẹ́bi.

Ó pín ọ̀nà náà sí méjì. Láti orí pọ́sítíìfù bátìrì sí pọ́sítíìfù pọ́ǹpù, 2.1 ló sọnù. Láti ẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù padà sí nẹ́gátíìfù bátìrì, 0.6. Ohun tí a lè gbà ní ọ̀nà pọ́sítíìfù kò yẹ kó ju ìlàjì fóòtì lọ, ti ẹ́ẹ̀tì kò sì yẹ kó ju 0.2. Wọ́n bá ìdí wáyà tó ti yọ́ lórí pọ́ǹpù, ẹnu rìlé tó dúdú, àti ẹ́ẹ̀tì tó dípẹtà. Áḿpù tí pọ́ǹpù ń jẹ jẹ́ 7, dípò nǹkan bíi 5. Ẹ fi 7 sọ 2.7 di púpọ̀: ooru wáàtì 19 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ló ń jó àwọn ojú ìsopọ̀ yẹn lójoojúmọ́.

Wọ́n tún wáyà ṣe, iná di 13.5 lẹ́nu pọ́ǹpù. Ariwo kò lọ, ńṣe ló tún pọ̀ sí i, gáàjì sì dé 38 péré nígbà tí wọ́n tẹ iná. Pọ́ǹpù ti wá ní agbára láti fi ta ko fílítà tó dí. Fílítà yẹn ló kọ́kọ́ mú pọ́ǹpù máa jẹ iná jù, iná tó pọ̀ jù ló sì yọ́ ìdí wáyà. Nígbà tí wọ́n fi fílítà àti asẹ́ tuntun sí i, tí wọ́n sì fọ tánkì, gáàjì dúró lórí 45 láìyẹsẹ̀, áḿpù padà sí 5, ohùn náà sì rọlẹ̀. Pọ́ǹpù àtijọ́ ni wọ́n dá padà sínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo èyí gáàjì ṣì ń já, ìgbà yẹn ni ẹjọ́ pọ́ǹpù tó gbó tó dájú.

Ìdọ̀tí náà kò ṣàjèjì sí wa. Nínú oṣù Kejì 2022, ìjọba kéde pé epo kan tí wọ́n kó wọlé ní mẹtanọ́ọ̀lù tó ju ìwọ̀n tí Nàìjíríà gbà lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Mẹtanọ́ọ̀lù ń fa omi mọ́ra. Bí omi bá ti pọ̀ tó, òun àti omi náà á ya kúrò lára epo, wọ́n á sì rìlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tánkì, níbi tí ẹnu pọ́ǹpù wà, wọ́n á máa jẹ irin rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, lítà kan kúrò ní iye tí kò tó 200 náírà, ó di 488 ní ilé epo ìjọba l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò lè rọ epo kún tánkì mọ́. Epo tó kéré ń gbóná kíákíá, ó sì ń mú ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ sún mọ́ asẹ́. Bí agbára bá ká a, kí epo má ṣe máa lọ sísàlẹ̀ ju ìdá mẹ́rin tánkì lọ.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn rìwáyà kan ń dá tí n kò fara mọ́: wọ́n á fa wáyà tààrà láti ibi kọ́kọ́rọ́ lọ bá pọ́ǹpù. Iná á pé, ọkọ̀ á sì fò. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló máa ń pa pọ́ǹpù nígbà tí ẹnjìnnì bá kú lójijì, irú bí ìgbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Pẹ̀lú wáyà tààrà yẹn, pọ́ǹpù á máa da epo sí orí irin gbígbóná níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì wà ní títàn. Bí wáyà àtijọ́ bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí wọ́n fa wáyà tó nípọn láti bátìrì gba inú fíúsì áḿpù 15 àti rìlé tuntun, kí wáyà àtijọ́ náà sì jẹ́ èyí tí yóò máa ṣí rìlé ọ̀hún.