FEN: Ta Ló Kàn Láti Ta?

Nígbà tí mo wà nílé ní Erúnmu lásìkò ìsinmi, mo fi ojú ayò ṣẹ́ẹ̀sì kan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo ní funfun ti jẹ. Ó ní ọ̀mì ni. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí:

```
8/4k3/8/4K3/4P3/8/8/8 w - - 0 1
```

Ìlà kẹjọ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa kà á láti a dé h. Nọ́ńbà dúró fún ojú tó ṣófo, lẹ́tà ńlá fún funfun, kékeré fún dúdú. Nítorí náà `4k3` ni ojú mẹ́rin tó ṣófo, ọba dúdú, àti ojú mẹ́ta mìíràn. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pé mẹ́jọ. Tèmi pé, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì!

`w` yẹn ni mo ṣì tẹ̀. Ó ń sọ pé funfun ló kàn. Bí funfun bá ta Kd5, dúdú á ta Kd7, á dí i lọ́nà: ọ̀mì lóòótọ́. Àmọ́ dúdú ló kàn lórí pátákó tèmi, `b` ló yẹ kí n tẹ̀. Ọba dúdú kò lè dúró sójú kan, ó gbọ́dọ̀ yà:

```
1...Kd7 2.Kf6
```

Ọba funfun ti dé ìlà kẹfà ṣáájú ọmọ-ogun rẹ̀, dúdú kò sì lè dá a dúró mọ́. Àmì tó mẹ́ta yẹn ló fi hàn pé dúdú ló ta. Bí o bá kọ `1.Kd7`, ọba funfun lo ní kó fò láti e5, kò sì lè dé ibẹ̀.

Mo tún un fi ránṣẹ́ pẹ̀lú `b`. Ọ̀rẹ́ mi gbà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó fèsì.