Àmì Ìbéèrè Tàbí Ọjọ́ Kíkà: Ọ̀nà Méjì Láti Ra Ọjà Kún Ọjà

Ìbéèrè méjì ló máa ń wà níwájú ẹni tó ń tọ́jú ọjà fún títà: ìgbà wo ló yẹ kí a ránṣẹ́ ra òmíràn, mélòó sì ni kí a rà? Ọ̀nà méjì gbòógì ni wọ́n ń gbà dáhùn wọn. Nínú ọ̀nà kìíní, ojú kì í kúrò lára ọjà. Gbogbo ohun tó bá jáde ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí iye tó kù bá ti wálẹ̀ kan ibi kan tí wọ́n ti yàn, wọ́n á ránṣẹ́ ra iye kan tí kì í yí padà. Ibi tí wọ́n yàn yẹn ni a ó máa pè ní àmì ìbéèrè. Nínú ọ̀nà kejì, ọjọ́ ni wọ́n yàn. Bí ọjọ́ náà bá pé, wọ́n á ka ohun tó wà nílẹ̀, wọ́n á sì béèrè iye tí yóò gbé e dé òdiwọ̀n kan lókè. Láàárín ọjọ́ kíkà kan àti èkejì, wọn kì í béèrè ohunkóhun. Ní ọ̀nà kìíní, iye tí wọ́n ń rà dúró sójú kan, ọjọ́ rírà ló ń yí. Ní ọ̀nà kejì, ọjọ́ ló dúró, iye ló ń yí.

Àpẹẹrẹ ilé ìtajà oògùn kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Ká sọ pé ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń ṣí lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń ta pákẹ́ẹ̀tì oògùn ibà 20 lóòjọ́ ní ìpíndọ́gba. Títà kì í dọ́gba lójoojúmọ́: ọjọ́ mìíràn wà tí wọ́n á ta 12, òmíràn wà tí wọ́n á ta 28. Òdiwọ̀n ìyàtọ̀ yìí, bí àwọn oníṣirò ṣe ń wọ̀n ọ́n, jẹ́ 8. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ránṣẹ́ sí alátaapọ̀ títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò já ọjà sílẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin ni. Olóògùn náà fẹ́ kó jẹ́ pé, nínú 20 ìgbà tó bá ń retí ọjà, oògùn kò ní tán mọ́ ọn lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nọ́ńbà tí àwọn oníṣirò ń lò fún irú ìdánilójú yìí ni 1.65.

Bí ó bá yan àmì ìbéèrè, ọjọ́ mẹ́rin péré ló ń páyà. Kí ọjà tó wálẹ̀ kan àmì, kò séwu. Gbàrà tó bá kàn án, ìránṣẹ́ á lọ, ọjọ́ mẹ́rin sì ni ohun tó kù gbọ́dọ̀ fi tó. Ọjọ́ mẹ́rin, ní 20 lóòjọ́, jẹ́ 80. Ó tún gbọ́dọ̀ fi ọjà àfipamọ́ kún un nítorí títà tó lè ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọjọ́ bá ti ń pọ̀ sí i, àìdọ́gba títà kì í pọ̀ ní ìlọ́po kan náà, nítorí pé ọjọ́ tí ọjà yá máa ń dí ọjọ́ tí ọjà kò yá. Nítorí náà, nọ́ńbà tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ tó fi di 4, ìyẹn 2, ni a ó lò. Ìṣirò náà lọ báyìí:

```
àmì ìbéèrè = 20 × 4 + 1.65 × 8 × 2 = 80 + 27 = 107
```

Bí ó bá yan ọjọ́ kíkà, tó sì pinnu pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni òun yóò máa kà, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ 12, ewu rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tó bá béèrè lónìí yóò dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Àmọ́ ọjọ́ 12 ni yóò tó láǹfààní láti tún béèrè, ohun tó bá sì béèrè nígbà náà kò ní dé títí ọjọ́ mẹ́rin mìíràn yóò fi kọjá. Ìpinnu òní gbọ́dọ̀ gbé ilé oògùn náà fún ọjọ́ 16 gbáko. Ibí yìí gan-an ni ìyàtọ̀ àwọn ọ̀nà méjèèjì wà: ọ̀kan ń ṣọ́ àkókò ìdúró ọjà nìkan, èkejì ń ṣọ́ àkókò ìdúró pẹ̀lú gbogbo àkókò tó wà láàárín ọjọ́ kíkà méjì. Ẹni tó ń lọ sí ọjà ọrún-ọrún mọ ọgbọ́n yìí. Oúnjẹ tó bá rà gbọ́dọ̀ gbé ilé rẹ̀ títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kì í ṣe títí di ọ̀la. Nọ́ńbà tó di 16 nígbà tí a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ni 4, nítorí náà:

```
òdiwọ̀n òkè = 20 × 16 + 1.65 × 8 × 4 = 320 + 53 = 373
```

Bí wọ́n bá ka ọjà ní ọjọ́ Ajé, tí wọ́n bá 150 nílẹ̀, tí kò sì sí ohunkóhun lójú ọ̀nà, wọ́n á béèrè 223. Bó bá jẹ́ 110 ni wọ́n bá, wọ́n á béèrè 263.

Ọjà àfipamọ́ ti lọ láti 27 sí 53. Bí ẹni tó ń lo àmì ìbéèrè bá ń ra 240 lẹ́ẹ̀kan, tí í ṣe títà ọjọ́ 12, a jẹ́ pé ìgbà tí àwọn méjèèjì ń rajà dọ́gba, àfipamọ́ nìkan ló ya wọ́n. Pákẹ́ẹ̀tì 26 ni ẹlẹ́ẹ̀kejì fi ń gbé ọjà jù ú lọ nígbà gbogbo. Bí pákẹ́ẹ̀tì kan bá jẹ́ 2,000 náírà, 52,000 náírà nìyẹn tó jókòó sórí pẹpẹ nítorí oògùn kan ṣoṣo. Oògùn sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ ń yan ọjọ́ kíkà síbẹ̀? Ìdí tó lágbára jù ni pé kò sẹ́ni tó ń ta ẹyọ oògùn kan. Ilé oògùn tó ní irú oògùn 300 láti ọ̀dọ̀ alátaapọ̀ kan náà yóò rí i pé oògùn kọ̀ọ̀kan ń kan àmì tirẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Oògùn ibà á kàn án lọ́jọ́ Ajé, oògùn ikọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, báńdéèjì lọ́jọ́ Ẹtì, owó ọkọ̀ sì ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ kíkà bá jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo wọn, ìwé ìbéèrè kan àti ọkọ̀ kan ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni alátaapọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gba àdúgbò kọjá ní ọjọ́ kan pàtó kò ní fi ọjọ́ náà sílẹ̀ nítorí pé àmì ẹnì kan yọ. Ìdí nìyí tí ètò ìpín oògùn ìjọba ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi gbára lé kíkà lóṣooṣù, lóṣù méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta.

Ìdí kejì ni òótọ́ àkọsílẹ̀. Àmì ìbéèrè kò ní ojú tirẹ̀. Ohun tí káàdì tàbí kọ̀ǹpútà bá sọ ló gbà gbọ́. Ká ní káàdì sọ pé oògùn ibà ku 120, ṣùgbọ́n 90 ló wà lórí pẹpẹ, bóyá nítorí pé wọ́n jí díẹ̀ tàbí pé wọ́n gbàgbé láti kọ ohun tí wọ́n tà. Nígbà tí káàdì bá fi máa wálẹ̀ sí 107, 77 ló kù gan-an. Títà ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ 80. Oògùn á tán kí ọkọ̀ tó dé, bí ọjà kò tilẹ̀ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ kíkà máa ń rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka ọjà. Ibi tí àkọsílẹ̀ bá ti mẹ́hẹ, àmì ìbéèrè léwu ju bó ṣe rí nínú ìwé ìṣirò lọ.

Ọjọ́ kíkà náà ní àléébù tirẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù sì ni kí wọ́n ṣírò òdiwọ̀n òkè pẹ̀lú ọjọ́ 12 nìkan, kí wọ́n gbàgbé ọjọ́ mẹ́rin tí ọjà fi ń bọ̀. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ yóò fún wọn ní nǹkan bí 286 dípò 373. Títà ọjọ́ 16 sì jẹ́ 320, kí a tó sọ̀rọ̀ àfipamọ́ rárá. Pákẹ́ẹ̀tì 34 yóò dín, nǹkan bí ọjọ́ kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn. Àmì tí a fi ń dá àrùn yìí mọ̀ hàn kedere: oògùn ń tán nígbà gbogbo ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ọkọ̀ tó dé, yálà àìsàn pọ̀ lágbègbè tàbí kò pọ̀. Bí àìtó ọjà bá ń tẹ̀lé àkókò báyìí, òdiwọ̀n ni kí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó dá alátaapọ̀ lẹ́bi.

Àṣìṣe kejì ni gbígbàgbé ohun tó wà lójú ọ̀nà. Ká sọ pé ilé oògùn mìíràn ń ka ọjà lọ́jọ́ mẹ́fà-mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá ni ọjà fi ń dé. Ọjọ́ 16 náà ni àpapọ̀ rẹ̀, òdiwọ̀n òkè á sì jẹ́ 373 bákan náà. Lọ́jọ́ kíkà, 130 wà nílẹ̀, 115 sì wà lọ́nà. Ohun tó yẹ kó béèrè ni 128. Bí ó bá fojú fo ohun tó wà lọ́nà, 243 ni yóò béèrè, ohun kan náà ni yóò sì rà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń yí, oògùn á kún pẹpẹ, olóògùn á dáwọ́ rírà dúró, lẹ́yìn náà oògùn á tún tán. Ẹni tó ń lo àmì ìbéèrè kò bọ́ nínú èyí: ohun tó wà nílẹ̀ àti ohun tó ń bọ̀ ni kó fi wé àmì náà.

Ọ̀nà ìyẹ̀wò kan wà tó rọrùn fún ẹni tó ń lo ọjọ́ kíkà. Bí òdiwọ̀n òkè kò bá yí, iye tí wọ́n ń béèrè nígbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá iye tó jáde láti ọjọ́ kíkà tó kọjá dọ́gba. Bí ìbéèrè bá ń fò sókè sódò ju títà lọ, ẹnì kan ti ń fọwọ́ kan òdiwọ̀n náà, tàbí ẹnì kan ti gbàgbé ọjà ojú ọ̀nà.

Àdàlù àwọn méjèèjì tún wà. Ní 1960, Herbert Scarf fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé, níbi tí ìnáwó kan tí kì í yí bá wà lórí gbogbo ìránṣẹ́, ohun tó dára jù lọ́jọ́ kíkà ni láti ní ojú ìwọ̀n méjì: bí ọjà bá ti kọjá ti ìsàlẹ̀, kí wọ́n má béèrè, bí ó bá wálẹ̀ kàn án, kí wọ́n kún un dé ti òkè. Èyí ń gba ilé oògùn lọ́wọ́ sísan owó ọkọ̀ nítorí pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Nínú ètò oògùn ìjọba, ojú ìwọ̀n pàjáwìrì ni wọ́n sábà máa ń fi kún un. Bí ọlọ́kadà bá lè gbé oògùn ibà dé láàárín ọjọ́ kan, ìṣirò kan náà yóò fún wọn ní 20 pẹ̀lú 14, ìyẹn 34. Bí ọjà bá wálẹ̀ dé 34 láàárín ọjọ́ kíkà méjì, wọn kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí wọ́n yàn.

Oògùn tó wọ́n, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ dájú, tí ẹnì kan sì ń ṣọ́ lójoojúmọ́, àmì ìbéèrè ló yẹ ẹ́. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọjà tó ń wọ ọkọ̀ kan náà láti ọ̀dọ̀ alátaapọ̀ kan, kí olùtọ́jú ọjà yan ọjọ́ kíkà, kó gbà pé àfipamọ́ rẹ̀ yóò pọ̀ díẹ̀, kó sì rí i pé àkókò ìdúró ọjà wà nínú òdiwọ̀n òkè rẹ̀.