Ẹ Yé Pariwo "Ẹ Fọ́nká!" Mọ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, bí bọ́ọ̀lù bá ti balẹ̀ sáàárín pápá, gbogbo ọmọ ló ń rọ́ lé e lórí bí adìẹ tí wọ́n da àgbàdo sí láàárín. Gbogbo wọn á kóra jọ sójú kan tí kò fẹ̀ ju yàrá lọ, ìyókù pápá á sì dá páropáro. Olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá: "Ẹ fọ́nká! Ẹ fọ́nká!" Wọ́n á fọ́nká lóòótọ́, àmọ́ kí olùkọ́ tó mí kanlẹ̀, wọ́n á ti tún ṣù jọ.

Kì í ṣe àìgbọràn. Lójú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ibi tí bọ́ọ̀lù wà ni eré wà. Bó bá lọ dúró sí ọ̀ọ́kán, kò sóhun tó fi dá a lójú pé ẹnikẹ́ni máa gbá bọ́ọ̀lù sí òun. Ó ti dúró níbẹ̀ rí, bọ́ọ̀lù ò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ariwo kọ́ ló máa kọ́ ọ ní àyè wíwá. Eré náà fúnra rẹ̀ la máa tún ṣe, tí ọmọ tó bá wá àyè á fi máa rí bọ́ọ̀lù gbà lójú ẹsẹ̀.

Àwọn eré tí mò ń sọ ni èyí tí ẹgbẹ́ méjì ń du bọ́ọ̀lù kan lórí pápá kan náà, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń wá ọ̀nà wọ ilẹ̀ ekejì láti jẹ góòlù: bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́, họ́kì. Ní ọdún 1982, olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Loughborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Bunker àti Rod Thorpe, kọ àpilẹ̀kọ kan tó yí ọ̀nà ìkọ́ni eré wọ̀nyí pa dà. Ohun tí wọ́n kíyè sí ni pé a ń fi ọ̀pọ̀ àkókò kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù àti bí wọ́n ṣe ń dá a dúró, lórí ìlà, láìsí alátakò. Tí eré gan-an bá wá dé, ọmọ náà kò mọ ìgbà tó yẹ kó lo ohun tó kọ́. Wọ́n ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú eré kékeré tó bá agbára ọmọ mu, kí olùkọ́ fi ìbéèrè la ojú rẹ̀ sí ìṣòro tó wà nínú eré náà, kí a tó wá kọ́ ọ ní ọgbọ́n ẹsẹ̀ tàbí ti ọwọ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti rí i pé ó yẹ òun. Torí pé ìṣòro kan náà ló wà nínú gbogbo eré wọ̀nyí, ohun tí ọmọ bá rí kọ́ nínú ọ̀kan máa ń bá a dé inú èkejì.

Fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin dé ìkẹfà, ọwọ́ ni èmi máa ń fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la ń lọ síbẹ̀. Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ ló ń wò. Èyí tó gbé e dání lè gbé ojú sókè, kó wo ẹni tó wà lófìfo. Bí a bá sì ní kó má rìn tó bá ti gba bọ́ọ̀lù, tí alátakò kò sì gbọ́dọ̀ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ tó láti ronú.

Ẹ mú okúta, sálúbàtà tàbí ike omi mẹ́rin, kí ẹ fi sàmì sí igun mẹ́rin tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mítà 8, ìyẹn nǹkan bí ìgbésẹ̀ àgbàlagbà mẹ́wàá. Ọmọ mẹ́rin ló ń wọ inú rẹ̀: mẹ́ta ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn, ẹnì kan ń lé e láàárín. Kíláàsì tó bá ní ogójì ọmọ á pín sí ọ̀nà mẹ́wàá. Bí bọ́ọ̀lù kò bá tó, ẹ fi àkísà tí wọ́n wé sínú ọ̀rá, tí wọ́n sì dè pinpin, rọ́pò. Kì í ta ju bó ṣe yẹ, ó sì rọrùn láti hán.

Ká ní Ṣadé wà ní igun kìíní pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, Kúnlé wà ní igun kejì, Bísí wà ní igun kẹrin, Tàyé sì ń lé bọ́ọ̀lù láàárín. Igun kẹta ṣófo. Ṣadé ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, Tàyé kò sì lè dí méjèèjì. Ó ju bọ́ọ̀lù sí Kúnlé. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wà. Bí Bísí bá dúró sí igun kẹrin, òun àti Kúnlé ti wà ní igun tó kọjú síra, àárín gbùngbùn tí Tàyé dúró sí ni bọ́ọ̀lù máa gbà. Ọ̀nà Kúnlé ti di ọ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ bí Bísí bá sáré láti igun kẹrin bọ́ sí ìkẹta, Kúnlé á tún ní ọ̀nà méjì. Ṣadé tó ju bọ́ọ̀lù kò ní láti kúrò níbi tó wà. Bísí tí wọn kò ju bọ́ọ̀lù sí ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Èyí ni gbígbárùkù ti ẹni tó ní bọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sì rò ó rí pé iṣẹ́ wà fún òun nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ òun.

Ẹ máa mọ̀ pé kò tíì yé wọn bí ẹ bá rí i pé bọ́ọ̀lù ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ẹni méjì, tí ẹnì kẹta ń wòran. Ẹ má ṣe tètè sọ ìdáhùn fún wọn. Ẹ fun fèrè, kí oníkálukú dúró gbagidi síbi tó wà. Ẹ bi Kúnlé: "Ta lo lè jù ú sí?" Á ní, "Ṣadé nìkan ni, mà." Ẹ bi Bísí: "Ṣé Kúnlé lè rí gbogbo ara ẹ?" "Rárá mà, Tàyé dí mi." "Níbo lo lè lọ tó fi máa rí ẹ?" Lẹ́yìn èyí, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí nira fún olùkọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí ọmọ wo pápá kó tó dáhùn. Tó bá ti nawọ́ sí igun kẹta, ẹ fun fèrè kí eré máa lọ. Ìbéèrè mẹ́ta tó; bí ìdádúró bá pọ̀ jù, eré ti dópin.

Bí Tàyé kò bá rí bọ́ọ̀lù gbà rárá, ẹ dín àlàfo náà kù sí mítà 6. Bí wọn kò bá lè jù ú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí 10. Kí ẹni tó ń lé bọ́ọ̀lù sì máa yí pa dà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, nítorí ẹni tó bá ti rẹ̀ kì í dí ọ̀nà mọ́, ìṣòro tó yẹ kí wọ́n yanjú á sì pòórá.

Fífẹ̀ pápá lójú ló kàn, ó sì le ju èyí lọ. Àwọn ọmọ wa tó ń gbá mọ́ńkí-pósì ládùúgbò mọ bọ́ọ̀lù gbá ní ibi tó há. Gọ́tà wà lọ́tùn-ún, ògiri wà lósì, ilé góòlù kóńkó kan sì wà láàárín. Ọgbọ́n ńlá ni wọ́n rí kọ́ níbẹ̀. Ohun tí títì yẹn kò lè fún wọn ni ìdí láti lọ sí ẹ̀gbẹ́, torí pé kò sí ẹ̀gbẹ́, ibi kan ṣoṣo sì ni wọ́n ti ń jẹ góòlù.

Horst Wein, olùkọ́ ará Jámánì tó ti inú họ́kì bọ́ sínú bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, wá ojútùú tó rọrùn sí i nínú eré tó pè ní Funiño: ọmọ mẹ́ta sí mẹ́ta, ilé góòlù mẹ́rin, méjì ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, kò sì sí gólì. Bí mo ṣe máa ń fẹ́ kí a fi ọwọ́ ṣe é nìyí. Kí pápá fẹ̀ ní mítà 25, kó gùn ní 20. Kí ilé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 2, kó sún mọ́ igun pápá. Góòlù ti wọlé bí ọmọ kan bá ju bọ́ọ̀lù gba àárín ilé kọjá, tí ẹnì kejì rẹ̀ sì hán an lẹ́yìn ìlà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ilé ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ, yálà ẹni tó ń dènà tàbí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀lù. Bí òfin yìí kò bá sí, àwọn kan á lọ sọ ara wọn di gólì.

Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ kan gbé bọ́ọ̀lù dé itòsí ilé òsì, alátakò méjì sáré wá dí i, ẹnì kẹta náà sì ń fà wá. Ilé ọ̀tún ti ṣófo, kò sì sí ọmọ tí kò rí i. Olùkọ́ kò ní láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbẹ́ pápá mọ́, ilé tó ṣófo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ tó wà lósì bá ju bọ́ọ̀lù gba òkè lọ sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, apá ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í gbé e dé. Á lọ́ra lójú ọ̀run, alátakò á sì ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà láàárín, lẹ́yìn díẹ̀, tó máa gbà á lósì, tó máa yára jù ú sọ́tùn-ún. Ìgbà tí wọ́n bá rí èyí ni wọ́n máa mọ̀ pé iṣẹ́ tí Bísí ṣe nínú igun mẹ́rin náà ló ń mú kí fífẹ̀ pápá wúlò.

Àṣìṣe tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé àwọn ọmọ á lọ gúnlẹ̀ sí etí ìlà, wọn ò ní mira, wọ́n á ní àwọn ti fọ́nká. Ẹ lè mọ̀ ọ́n bí bọ́ọ̀lù bá lọ sí apá kejì tí ẹsẹ̀ wọn kò yí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń tún èyí ṣe: "Bí wọ́n bá jù ú sí ẹ báyìí, ṣé ó máa dé?" Ọmọ náà á fúnra rẹ̀ sún wọ inú díẹ̀.

Iye góòlù kò lè sọ fún yín bóyá ẹ̀kọ́ ti wọlé, torí pé ọmọ kan tó bá yára lè jẹ ẹ́ tán fúnra rẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó ń dúró de ìgbà tiwọn mú agolo méjì àti òkúta wẹ́wẹ́. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá gba bọ́ọ̀lù tí alátakò kò sún mọ́ ọn tó ibi tí ọwọ́ lè tó, òkúta kan wọ agolo kìíní. Bí alátakò bá wà lára rẹ̀, agolo kejì. Kí wọ́n kà á fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó bi wọ́n ní ìbéèrè, kí wọ́n sì tún kà á lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń kà á pàápàá ń kọ́ ẹ̀kọ́, nítorí ẹni tí kò ní bọ́ọ̀lù ni ojú wọn wà lára.

Bí ẹ bá wá gbé bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ sí ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín ṣáájú pé wọ́n á tún ṣù jọ. Ojú wọn ti pa dà sílẹ̀, bọ́ọ̀lù kò sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu bí ó ṣe ń gbọ́ lọ́wọ́. Ẹ dá wọn pa dà sínú igun mẹ́rin, mẹ́ta sí ẹyọ kan, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ sí mítà 10 tàbí 12, kí ẹ sì tún béèrè ìbéèrè kan náà. Òfin ọ́fúsáìdì àti nọ́ńbà ipò àwọn agbábọ́ọ̀lù lè dúró di ilé ìwé gíga. Ọmọ tí kò tíì mọ bó ṣe máa fara han ẹni tó ní bọ́ọ̀lù kò tíì ní ohun tó máa fi wọ́n ṣe.