"Ṣe Dáadáa Sí I" Kò Tó: Ohun Tó Yẹ Kí Tísà Kọ Sínú Ìwé Ọmọ

Ohun tí mo máa ń fi dá àwọn tísà tuntun lẹ́kọ̀ọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Nígbà tí mo ń kọ́ Pírámárì 4 ní Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀, ọmọkùnrin kan gba 2 nínú ìṣirò 4. Mo kọ máàkì náà pẹ̀lú bírò pupa, mo ní: "Ṣe dáadáa sí i." Lọ́sẹ̀ kejì, àṣìṣe kan náà ló tún ṣe. Ọmọ yẹn ti ń pe ara rẹ̀ ní olódo, bẹ́ẹ̀ èmi ni mi ò sọ ohun tí kò dáa fún un.

Ẹ wo ìwé rẹ̀. 48 − 23, ó kọ 25. 76 − 31, ó kọ 45. Méjèèjì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n 52 − 27, ó kọ 35. 61 − 34, ó kọ 33. Kì í ṣe pé kò fọkàn sí i. Nígbà tí 2 kò tó yọ 7, ló bá yí i padà, ó yọ 2 kúrò nínú 7. Ohun tó kéré ló máa ń yọ kúrò nínú ohun tó tóbi, ìbáà jẹ́ òkè ló wà tàbí ìsàlẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n kọ rèé: "Nọ́ńbà 1 àti 2 tọ̀nà. Ní nọ́ńbà 3, òkè la ti ń yọ ti ìsàlẹ̀. 2 kò tó, torí náà yá mẹ́wàá kan lọ́wọ́ 5. Tún un ṣe sábẹ́ ibí, kí o wá ṣe 83 − 46."

Ìṣirò tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa tú àṣírí. Bó bá kọ 37, ó ti yé e. Bó bá kọ 43, àṣìṣe àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, kí tísà pè é jókòó, kó fi igi ìṣánná dídì mẹ́wàá-mẹ́wàá hàn án.

Ṣùgbọ́n ọmọ ò ní kà á bí a kò bá fún un láyè. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ tó kàn sílẹ̀ kí wọ́n lè dáhùn.

Ṣé ká wá fi máàkì kún un? Lọ́dún 1988, Ruth Butler ṣe ìwádìí kan ní Ísírẹ́lì. Ó fún àwọn ọmọ kan ní máàkì nìkan, àwọn kan ní àlàyé nìkan, àwọn yòókù ní méjèèjì. Àwọn tó gba àlàyé nìkan ni iṣẹ́ wọn dára sí i. Bí ọmọ bá ti rí máàkì, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ìwé 50 ò ṣeé kọ báyìí lójúmọ́. Òótọ́ ni. Ẹ mú 10 lóòjọ́, kó fi ọ̀sẹ̀ kan kárí gbogbo wọn. Bí ìdajì kíláàsì bá ṣe àṣìṣe kan náà, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé 25. Ẹ tún un kọ́ lójú bọ́ọ̀dù. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà, ẹ fi ẹnu sọ fún un.

Ó dìgbà kan ná.