Owó Ìfẹ̀yìntì fún Ẹni tí Kò Ní Ọ̀gá

Akọ̀wé ìjọba mọ̀ pé nígbà tí òun bá fẹ̀yìntì, owó kan ń bẹ tí yóò máa wọlé fún òun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san ti aránṣọ, ti káfíńtà, àti ti ìyá tí ń ta aṣọ ní ọjà? Púpọ̀ nínú wọn ń dá èsúsú. Èsúsú dára fún owó ilé ìwé àti fún ríra ọjà, ṣùgbọ́n bí a bá ti kó o, a ó ná an. Kì í sábà dé ọjọ́ ogbó.

Ní Nàìjíríà, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 2019 ni àjọ ìjọba tí ń jẹ́ PenCom gbé ètò tiwọn kalẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ titun ní ọdún 2025. Nínú ìlànà ti 2019, a pín owó tí ènìyàn bá san sí ọ̀nà méjì. Nínú 100 náírà, 40 jẹ́ ti àìní òjijì, èyí tí olówó lè bẹ̀rẹ̀ sí gbà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. 60 tí ó kù ni ti ogbó, tí a kò ní fọwọ́ kàn títí olówó yóò fi pé ẹni 50 ọdún, àfi bí àìlera bá dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí aránṣọ ẹni ọdún 35 bá ń san 1,000 náírà lọ́sẹ̀, yóò san 52,000 lọ́dún. Nínú rẹ̀, 31,200 ni ti ogbó. Ní ọdún 15 yóò di 468,000, láìka èrè. Bí a bá pín èyí sí oṣù 180, oṣù kan gba 2,600 náírà péré. Èrè yóò bù sí i, ṣùgbọ́n ọjà pẹ̀lú yóò ti wọ́n. Nítorí náà, bí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá ti ń lọ sókè, kí ó máa fi kún ohun tí ó ń san.

Láti bẹ̀rẹ̀, ẹ yan ilé iṣẹ́ kan nínú àwọn tí PenCom fún ní àṣẹ, kí ẹ sì mú nọ́mbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà yín lọ. Wọn yóò fún yín ní nọ́mbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN. Báǹkì ni kí ẹ gbà san owó náà. Ẹ má ṣe kó o lé aṣojú kankan lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ pa owó yín mọ́, ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá san, tí ẹ kò sì rí i nínú ìwé ìṣirò yín, ẹ tètè kọ̀wé sí wọn. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí PenCom.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ ní kí wọ́n fi ìlànà tí ó wà lónìí hàn yín: èló nínú owó náà ni a lè gbà, èló ni yóò sì dúró de ogbó?